Bí a ṣe ń fèsì ránpẹ́ fún awáṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gé kí ó tó dárúkọ iṣẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí Wáàsáàpù mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ohun tí ó kọ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ẹnìkan ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, nítorí ọjọ́ ti ń lọ. Iṣẹ́ náà ni”

Ibẹ̀ ni ó parí sí. Ẹni náà ti kí mi, ó ti sọ ìlú tí ó wà, ó ti sọ ohun tí ó fẹ́, ó tilẹ̀ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé àkókò kò dúró dè é, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ tí ó ń wá àti ohun tí ó ti ṣe rí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun méjèèjì yìí gan-an ni lẹ́tà ìwáṣẹ́ dúró lé. Irú ọ̀rọ̀ tí ó gé báyìí máa ń bá àwa tí a ń kọ̀wé fún ènìyàn, ó sì máa ń bá tíṣà àti ẹ̀gbọ́n tí ó mọ Faransé kọ dáadáa nínú ẹbí. Èsì tí ó yẹ ẹ́ kò gùn, àmọ́ ó ní bí a ti ń tò ó, nítorí èsì àkọ́kọ́ yẹn ni yóò sọ bóyá a óò kọ lẹ́tà náà lọ́la tàbí a óò máa bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí ohun kan kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà gé lóòótọ́

Kí ẹ tó fèsì rárá, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣí, kí ẹ sì kà á títí dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn lórí Wáàsáàpù, fóònù á ká apá kan rẹ̀ pamọ́, á sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìparí èyí tí ó hàn, pé kí a tẹ ibẹ̀ kí a lè ka ìyókù. Mo ti rí ẹni tí ó béèrè ohun tí wọ́n ti kọ fún un tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò tẹ ibẹ̀ yẹn, ojú sì tì í díẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a lóhùn pé, “Mo ti sọ ọ́ nínú ti àkọ́kọ́ o, ẹ̀gbọ́n.”

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 10. Lórí Wáàsáàpù, ìka tí ó ṣèèṣì kan bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ ni ó sábà máa ń gé ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ṣe é sì lè ti máa tẹ ìyókù lọ́wọ́ bí ẹ ti ń kà á. Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó fà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba àmì 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ètò fóònù ti mọ̀ láti ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹyọ lẹ́tà kan bí ẹ, ọ tàbí ṣ sínú rẹ̀, ààyè yẹn á já wálẹ̀ sí 70. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ìyẹn lọ, fóònù tí ó ń rán an á pín in, èyí tí ó gbà á á sì so ó pọ̀ padà. Bí apá kan bá pẹ́ lójú ọ̀nà, tàbí tí owó fóònù tán lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rán an, apá àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ lè rí. Nítorí náà, ẹni tí ó fi gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ kọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tètè máa ń pín sí méjì mẹ́ta, kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò kan ohùn tí ẹ óò fi fèsì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ohun tí ẹ mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò

Mo máa ń mú bébà kékeré kan, kí n fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá kan ni mo ń kọ ohun tí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sí, apá kejì ni mo ń kọ ohun tí ọkàn mi ń sọ fún mi sí. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó wá láti Kétu yìí, ohun tí mo mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: Kétu ni ó wà, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ó fẹ́, ọjọ́ kan sì wà níwájú tí kò fẹ́ kí ó kọjá. Apá kejì ni ó kún. Mo rò pé ọ̀dọ́ ni, nítorí pé ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó ń pe oníṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé Faransé ni lẹ́tà náà yóò jẹ́, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n Kétu kò jìnnà sí bodè, ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì lè máa wá iṣẹ́ sí apá Nàìjíríà, níbi tí wọn yóò ti béèrè lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó ní obìnrin, n kò sì lè sọ ìdí kan.

Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí yóò kọ Faransé. Nínú Yorùbá, “ó” ni ọkùnrin, “ó” náà ni obìnrin, a sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ohunkóhun nínú gbólóhùn wa má fi hàn bóyá akọ ni tàbí abo. Lẹ́tà Faransé kò rí bẹ́ẹ̀: láti ibi tí a ti kọ pé “èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí” ni a ti gbọ́dọ̀ fi ẹyọ lẹ́tà kan kún ìparí ọ̀rọ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí a bá kọ pé a bí i ní ìlú báyìí. Ẹni tí ó bá fi ìrònú kọ ọ́ yóò kọ lẹ́tà ọkùnrin fún obìnrin, ẹni tí yóò gba lẹ́tà náà yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun ni ó kọ ọ́.

Ẹ má ṣe fi ìlú ènìyàn díwọ̀n iṣẹ́ tí ó ń wá. Èmi ni mo ṣe èyí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà gé, mo sì sọ nínú ara mi pé ẹni tí ó bá ń wáṣẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ ṣúgà ni yóò máa lọ. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà kan tí ó dára gan-an, nípa ìrèké, nípa ẹ̀rọ, nípa bí ó ti lè dúró ti iṣẹ́ òru. Nígbà tí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń wá, Parakú sì ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Kò sí ìlà kan nínú lẹ́tà yẹn tí ó wúlò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má ṣe fi lẹ́tà onílà òfìfo ránṣẹ́

Àwọn kan á ní, nígbà tí a kò mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí a fi lẹ́tà tí a ti kọ sílẹ̀ ránṣẹ́, kí a fi ààmì tótótó sí ibi tí orúkọ iṣẹ́ yóò wà, kí òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sí i. Ó dà bí ìrànlọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé òun ti parí iṣẹ́. N kò ṣe é mọ́. Nígbà kan tí mo ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fi ránṣẹ́ sí lọ tẹ̀ ẹ́ jáde bí mo ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ. Ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kà á títí dé ibi tí a ti kọ ọ́ pé, “mo fẹ́ ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ........ ní ilé iṣẹ́ yín,” ó sì dá a padà fún un lójú àwọn ènìyàn. Ó padà wá bá mi, kò bínú, ó kàn gbé bébà náà lé orí tábìlì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló yẹ kí n kọ síbí?”

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó yẹ kí òun kọ sí àyè òfìfo kì í wá ẹni tí yóò bá òun kọ lẹ́tà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè fi ìlà lẹ́tà ṣáájú ni ìgbà tí ẹni náà bá sọ pé òní gan-an ni wọn yóò gba ìwé kẹ́yìn, a sì gbọ́dọ̀ máa bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ó ti ń kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkọ èsì náà

Èsì náà ní apá mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí ojú fóònù kan gbà lọ láìfi ìka yí i. Ìkíni ni àkọ́kọ́, kí ó kúrú, kí ó sì jẹ́ ti àkókò tí ẹ ń kọ̀wé. Èkejì ni kí ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sí, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn kọ bí ó ti kọ wọ́n. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ẹ óò ṣe àti ìgbà tí ẹ óò ṣe é.

Apá kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí ẹ bá kọ pé, “Ẹ kò sọ iṣẹ́ tí ẹ ń wá,” ẹ̀bi ni ẹ dá a, ó sì lè má jẹ̀bi, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti kọ ọ́ kí ó má sì dé. Yàtọ̀ sí èyí, lójú tirẹ̀, ó ti sọ ọ́. Bí ẹ kò bá fi ibi tí ó gé hàn án, ó lè wò ó pé ẹ kò fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ òun ni, kí ó sì wá ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, “Ọ̀rọ̀ yín dúró síbi ‘iṣẹ́ náà ni’, ìyókù kò dé ọ̀dọ̀ mi,” yóò ṣí fóònù rẹ̀ wò, yóò rí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an. Ẹ kíyè sí i pé mo ní “ọ̀rọ̀ yín”, n kò ní “iṣẹ́ tí ẹ rán”. Iṣẹ́ ni a ń rán, iṣẹ́ náà ni a ń wá. Bí ẹ bá kó méjèèjì sínú èsì kan, ẹni tí ó ti ń kánjú lè má mọ èyí tí ẹ ń bi í.

Ìbéèrè kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí wọn. Ẹni tí a bá bi ní ohun méje nínú gbólóhùn gígùn kan á dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, á sì gbàgbé ìyókù. Orúkọ iṣẹ́ àti ibi tí lẹ́tà ń lọ ni kí ó ṣáájú, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ìbéèrè kan péré ni yóò dáhùn, ìyẹn ni kí ó jẹ́. Ibi tí lẹ́tà ń lọ ni yóò sọ èdè tí a óò fi kọ ọ́ fún wa láìjẹ́ pé a béèrè. Bí ìwé ìpolówó iṣẹ́ bá wà, fọ́tò rẹ̀ sàn ju àlàyé ẹnu lọ, nítorí inú rẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ gan-an wà bí àwọn tí ń gbani síṣẹ́ ti ń pè é, pẹ̀lú àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ àti ọjọ́ ìparí.

Bí a ti ń béèrè ohun tí ó ti ṣe rí gba ìṣọ́ra. Bí ẹ bá béèrè pé, “Ṣé ẹ ní ìrírí?” rárá ni ọ̀pọ̀ yóò dáhùn, nítorí pé lójú wọn, iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tàbí èyí tí ó kọ́, ibi tí ó ti ṣe é, láti ọdún wo sí ọdún wo, àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Báyìí, ẹni tí ó kọ́ aránṣọ àti ẹni tí ó ti jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀ á ní ohun tí wọn yóò sọ. Ọjọ́ ìparí ni ìbéèrè kẹta.

Ní ti fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, ọjọ́ ìbí, tàbí ìwé ẹ̀rí, ẹ má ṣe béèrè wọn nínú èsì àkọ́kọ́. Wọn kò wúlò fún yín títí tí ẹ óò fi mọ iṣẹ́ náà, ẹni tí kò sì mọ̀ yín rí lè bẹ̀rù, pẹ̀lú bí àwọn oníjìbìtì ti ń fi iṣẹ́ tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ.

Èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí Kétu ní ìrọ̀lẹ́ yẹn nìyí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ó dúró síbi ‘iṣẹ́ náà ni’. Ìyókù kò dé ọ̀dọ̀ mi. Kí n lè kọ lẹ́tà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí ránṣẹ́:
1. Orúkọ iṣẹ́ náà àti ibi tí lẹ́tà ń lọ. Bí ìwé ìpolówó bá wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ó hàn dáadáa.
2. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí tàbí èyí tí ẹ kọ́: níbo, láti ọdún wo sí ọdún wo, kí ni ẹ̀yin gan-an ń ṣe níbẹ̀? Kò di dandan kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì.
3. Ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé kẹ́yìn.
Ẹ lè fi ohùn sọ ọ́ bí títẹ̀ bá ni yín lára. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ mi lálẹ́ òní, lẹ́tà yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọ̀la.”

Mo fi ọ̀rọ̀ nípa ohùn síbẹ̀ nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gé lẹ́ẹ̀kan lè tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké kì í fẹ́ kọ ọ́. Ìlérí tí ó wà nísàlẹ̀ sì ní àkókò tirẹ̀. Bí ẹ bá ní “láìpẹ́”, òun náà yóò dá yín lóhùn láìpẹ́, ìyẹn sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ni ẹni náà fi kọ̀wé, tí ẹ sì rò pé fóònù onítẹ̀ǹtẹ̀ kékeré ni ó ń lò, èsì òkè yìí yóò pọ̀ jù. Nígbà náà, ẹ yọ gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kúrò, kí ẹ sì dín in kù kí ó lè wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo:

```
Mo ri oro yin, sugbon o pari si 'ise naa ni'. E jowo, e so: ise wo, nibo, ise ti e ti se ri, ojo ti iwe gbodo de. E le pe mi.
```

Bí a bá ka lẹ́tà, àlàfo àti gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò tó 130, nítorí náà kò ní pín. Kò dùn mọ́ mi láti máa kọ Yorùbá tí kò ní àmì, nítorí pé “ise” lásán lè jẹ́ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ìṣẹ́, ẹni tí ó ń wá ọ̀kan sì ń sá fún èkejì ni. Ṣùgbọ́n èsì tí ó dé lódindi láìní àmì sàn ju èyí tí ó lẹ́wà tí ìdajì rẹ̀ sọnù sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí ìyókù bá dé

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, fọ́tò kan àti ohùn kan dé láti Kétu. Ohùn obìnrin ni. Fọ́tò náà jẹ́ ti bébà ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ilé ìtajà ńlá kan ní Àjàṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nídìí ẹ̀rọ, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gba ìwé kẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kí lẹ́tà jẹ́ èyí tí awáṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí mo bá ti tẹ lẹ́tà kan sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, òfo ni ì bá já sí, nítorí pé wọn kì bá gba lẹ́tà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ohun tí ó kù fún mi ni láti kọ ọ̀rọ̀ náà kí òun dà á kọ sórí bébà funfun, mo sì ní láti lo gbólóhùn tí kò gùn, kí ó má baà ṣì í kọ.

Nínú ohùn rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì ṣiṣẹ́ kankan rí o. Ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní ọjà Kétu ni mo kàn wà láti 2021 títí di 2024, a ń ta aṣọ, èmi ni mo sì ń kọ ìwé gbèsè.” Ẹ wo bí ó ti fi “kàn” bo iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mọ́lẹ̀. Mo fi ìbéèrè kan péré ránṣẹ́ padà: “Ta ni ó máa ń ka owó ní alẹ́?” Ó ní òun ni, pé òun a fi owó ọwọ́ wé ohun tí òun kọ, bí kò bá sì bára mu, àwọn kì í ti ilẹ̀kùn títí tí àwọn yóò fi rí ibi tí ó ti yàtọ̀. Ohun tí ó dá lé lórí nínú lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn. Mo fi í sí ìpínrọ̀ kejì ní Faransé, ní ìtumọ̀ yìí: láti 2021 sí 2024, èmi ni mo ń gba owó tí mo sì ń kọ ìwé gbèsè ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní ọjà Kétu, ní alaalẹ́, èmi ni mo ń ka owó, tí mo sì ń fi í wé àkọsílẹ̀.

Ní àkókò yìí ni ẹ tó béèrè orúkọ bí ó ti wà lórí káàdì ìdánimọ̀, àti nọ́ńbà fóònù tí wọn yóò fi pè é. Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà tí ó fi kọ̀wé sí yín ni, nítorí pé fóònù ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọ̀rẹ́ ni àwọn mìíràn ń lò. Ti ọmọbìnrin yìí, fóònù àǹtí rẹ̀ ni. Kí ẹ sì kà á: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ 10, a sì fi 01 ṣáájú ẹyọ 8 ti àtẹ̀yìnwá. Mo ṣì ń rí ìwé tí wọ́n dà kọ láti inú ti àtijọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò pé, ẹni tí ó bá pe irú rẹ̀ kò ní rí i pè.

Bí ó bá dákẹ́

Nígbà mìíràn, ẹ óò fi èsì ránṣẹ́, kò sì ní sí ohùn kankan. Mo máa ń dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí n kọ gbólóhùn kan péré: “Ẹ kú ọ̀sán, mo ṣì ń retí orúkọ iṣẹ́ náà kí n lè bẹ̀rẹ̀.” N kì í tún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, nítorí wọ́n ṣì wà lókè níbẹ̀, n kì í sì béèrè ìdí tí kò fi fèsì. Bí ó bá ti sọ pé ọjọ́ ń lọ, bí ẹni ti Kétu, mo máa ń pè é dípò kí n kọ̀wé, nítorí ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán lè má tíì rí èsì náà rárá, ìpè ìṣẹ́jú kan sì tó láti mọ orúkọ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrántí kan àti ìpè kan, mo máa ń kọ déètì sí ẹ̀yìn bébà kékeré tí mo fa ìlà sí àárín rẹ̀, mo sì ń fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Àwọn kan ti padà wá lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo kọ̀wé sí yín nígbà yẹn ni,” bébà yẹn sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.